Ímeèlì Ẹni Tó Ti Lọ: Bí Iléeṣẹ́ Kékeré Ṣe Lè Dá Owó Sọ́fítíwíà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Lò Mọ́ Dúró

Òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré l'Ádó-Èkìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe IT láti Poli, láti EKSU tàbí láti FUOYE á lo oṣù díẹ̀, á padà sílé ẹ̀kọ́. Àgùnbánirọ̀ á lo ọdún kan, á gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó di Èkó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, ọ̀gá á ní kí wọ́n ṣí ímeèlì iléeṣẹ́ fún wọn, kí oníbàárà lè mọ̀ pé ibi gidi ni lẹ́tà ti wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á dá kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n á dá láptọ́ọ̀pù padà, wọ́n á ya fọ́tò ìdágbére. Ímeèlì wọn nìkan ni kì í bá wọn lọ. Bí oṣù bá ti parí, wọ́n á tún yọ owó rẹ̀ lára káàdì iléeṣẹ́.

Tẹ́lẹ̀, owó náà kò tó ohun tí èèyàn ń bínú sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí CBN tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan tó ti wà ní nǹkan bíi ₦470 kọjá ₦700 láàárín oṣù náà, nígbà tó sì di February 2024 ó ti lé ní ₦1,500. Sọ́fítíwíà tí wọ́n ń ta ní dọ́là kò níláti fowó kún ọjà wọn rárá kó tó di ìlọ́po mẹ́ta lọ́wọ́ wa.

Ímeèlì iléeṣẹ́ ni mo fẹ́ dojú kọ jù níbí, pàápàá Google Workspace, torí òun ni mo máa ń bá pàdé jù nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni owó ti ń jò jù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ní àdírẹ́sì tirẹ̀ gba àyè kan, àyè kọ̀ọ̀kan sì lówó tirẹ̀ lóṣooṣù, ì báà ṣe pé ẹni náà ń wọlé lójoojúmọ́, ì báà ṣe pé ó ti wà ní Kánádà. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni kí ẹni tó lọ má lè wọlé mọ́. Èkejì ni kí ẹ gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí iye àyè tí ẹ ń sanwó lé lórí dín kù. Ọ̀pọ̀ á ṣe èkíní, wọ́n á gbà pé ó ti parí. Owó kò mọ̀ pé wọ́n ṣe ohunkóhun.

Ọ̀dọ̀ báǹkì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má bi ọ̀gá léèrè irú sọ́fítíwíà tí iléeṣẹ́ ń lò. Èyí tó bá rántí ló máa sọ, èyí tí kò rántí gan-an ló sì ń jẹ owó. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́tàlá sẹ́yìn. Ìdí tí mo fi ní mẹ́tàlá ni pé àwọn owó kan wà tí wọ́n ń yọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ẹ bá wo oṣù mẹ́ta péré, ẹ ò ní rí wọn, àfìgbà tí wọ́n bá tún yọ ọ́.

Ẹ wo gbogbo káàdì, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ nìkan. Níbi tí a wà yìí, káàdì ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa ń san ìdajì nǹkan, ẹni tó ń ṣe dísáìnì náà sì lè ti ṣí káàdì dọ́là orí fóònù nígbà kan tí káàdì báǹkì ń kọ owó ilẹ̀ òkèèrè. Orúkọ tó bá wà lórí sítétímẹ́ǹtì lè má jọ orúkọ ohun tí ẹ rà. Ẹ lè rí `PADDLE.NET*` kí lẹ́tà díẹ̀ tẹ̀ lé e: Paddle ń gbowó fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sọ́fítíwíà ni, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló máa júwe ohun tí ẹ ń wá. Tí ẹ kò bá mọ ohun kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má fo ó.

Lẹ́yìn báǹkì, ẹ lọ sínú ímeèlì ọ̀gá, ti akọ̀wé owó àti ti ẹnikẹ́ni tó ti ra nǹkan fún iléeṣẹ́ rí, kí ẹ tẹ èyí sínú àpótí ìwákiri Gmail:

```
subject:(invoice OR receipt OR renewal OR subscription) newer_than:13m
```

Báǹkì á sọ iye owó fún yín, àwọn lẹ́tà yìí á sọ iye àyè tí owó náà wà fún àti ọjọ́ tí wọ́n tún máa yọ ọ́. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò kan lórí kọ̀ǹpútà: orúkọ nǹkan náà ní A, káàdì tó ń san án ní B, ẹni tó ṣí i ní C, iye àyè tí ẹ ń sanwó fún ní D, iye tí èèyàn ń lò ní E, owó àyè kan lóṣù kan ní F, ọjọ́ ìsanwó tó ń bọ̀ ní G. Ní H, ẹ kọ:

```
=(D2-E2)*F2
```

Nígbà tí ẹ bá ti kọ iye sí E, nọ́ńbà tó bá jáde níbẹ̀ ni owó tó ń ṣòfò lóṣù kan. Ẹ fi E sílẹ̀ lófìfo ná, torí òun ló gba wàhálà.

Ta ló ṣì ń lò ó?

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan lágbègbè Ajílósùn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Wọ́n ń tẹ ìwé ìpè, kàlẹ́ńdà, báńà àti aṣọ àjọṣe. Òṣìṣẹ́ méje ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá wọn obìnrin, àpapọ̀ mẹ́jọ. Àyè mẹ́rìnlá ni wọ́n ń sanwó fún.

Ẹni tó ní agbára alábòójútó á wọ `admin.google.com`, á tẹ `Directory`, á tẹ `Users`. Orúkọ gbogbo èèyàn á jáde pẹ̀lú ìgbà tí oníkálukú wọlé gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn ń kánjú. Ìgbà tí èèyàn wọlé gbẹ̀yìn kò fi gbogbo ara jẹ́ òtítọ́. Ẹni tó bá ti wọlé sórí fóònù rẹ̀ láti oṣù kẹta tí kò sì jáde, kò ní ìdí láti tún wọlé. Ó lè máa ka lẹ́tà láràárọ̀ kí ojú ìwé náà ṣì máa sọ oṣù kẹta. Nítorí náà, ẹ tún lọ sí `Reporting`, níbi tí wọ́n ti ń fi ìgbà tí wọ́n lo Gmail gan-an hàn, kí ẹ fi wé.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ímeèlì àgùnbánirọ̀ kan tó ti lọ láti ọdún tó kọjá ń fi hàn pé wọ́n wọlé lánàá. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù ló dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Òun ni mo fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà tó mọ̀ ọ́n." Ìyẹn kì í ṣe àyè tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òfo ni, torí akọ̀wé náà ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa sọ èyí fún yín. Ẹ ní láti mú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí wọ́n béèrè tán, mẹ́fà ni kò yẹ kó wà níbẹ̀: ọmọ IT mẹ́ta, àgùnbánirọ̀ méjì (ti èyí tí akọ̀wé ń lò wà nínú wọn), àti àdírẹ́sì `info@` tí wọ́n ṣí bí ẹni pé èèyàn ni, tó sì ń jẹ àyè tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní $7 ni ìwé owó wọn kọ fún àyè kan, tí VAT 7.5% sì wà lórí rẹ̀. Tí a bá fi ₦1,500 ṣe dọ́là kan kó lè rọrùn, àyè kan di ₦11,287.50. Mẹ́rìnlá di ₦158,025 lóṣù. Mẹ́fà tí kò wúlò nínú rẹ̀ jẹ́ ₦67,725 lóṣù, tí í ṣe ₦812,700 lọ́dún. Ẹ fi iye tó wà lórí ìwé owó tiyín àti iye tí báǹkì yín fi pààrọ̀ dọ́là rọ́pò tèmi. Ti báǹkì lórí káàdì kì í sábà rí bí èyí tí ẹ gbọ́ lórí rédíò.

Kí ẹ tó pa àdírẹ́sì kankan rẹ́

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ímeèlì kì í ṣe àpótí lẹ́tà nìkan. Òun ni wọ́n fi ń ṣí àkáǹtì níbòmíràn, òun ni ilé ayélujára ń kọ̀wé sí nígbà tí páásíwọ́ọ̀dù bá sọnù. Bí ẹ bá pa á rẹ́ kí ẹ tó wò ó, ẹ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín níbi tí ẹ kò tíì ronú kàn.

Kí ẹni tó ń lọ tó kúrò ló dára jù láti ṣe é, pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tí ó bá ti lọ, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ IT máa ń lo ímeèlì ibi iṣẹ́ láti fi wá iṣẹ́ tàbí láti fi gba lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kó mú tirẹ̀ kúrò. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò fún ọ̀gá ní àyè láti máa tú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ èèyàn wò torí pé iléeṣẹ́ ló ń san owó àpótí náà.

Lẹ́yìn náà, alábòójútó á yí páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì náà padà láti `Directory`, á wọ inú rẹ̀, á sì wá èyí:

```
subject:(verify OR confirm OR welcome OR "password reset")
```

Àwọn lẹ́tà tó bá jáde ni ìtàn ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti fi àdírẹ́sì yẹn forúkọ sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù Ajílósùn wa, ti àgùnbánirọ̀ àkọ́kọ́ ló gbóná jù. Òun ló bá wọn ra orúkọ ìkànnì ayélujára wọn, àdírẹ́sì rẹ̀ sì ni iléeṣẹ́ tó ta orúkọ náà fún wọn ń kọ̀wé sí. Òun náà ló ṣí ojú ewé Facebook wọn. Ká ní wọ́n pa àdírẹ́sì náà rẹ́ tààrà, lẹ́tà tó ń ránni létí láti san owó orúkọ ìkànnì kò ní rí ẹni gbà á. Tí orúkọ ìkànnì bá sì ti kú, ímeèlì gbogbo èèyàn mẹ́jọ tó kù máa kú pẹ̀lú rẹ̀, torí orí orúkọ yẹn ni gbogbo wọn dúró lé.

Nítorí náà, ẹ máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ yí ímeèlì tó wà níbẹ̀ sí ti ọ̀gá, ẹ wo bóyá nọ́ńbà fóònù ẹni tó lọ ni wọ́n ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí, ẹ yí ìyẹn náà. Ẹ jáde, kí ẹ sì tún fi ti tuntun wọlé láti rí i pé ó gbà á. Orúkọ ìkànnì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, ohun tó kàn owó tẹ̀ lé e, Facebook àti Instagram tẹ̀ lé wọn.

Ó ku lẹ́tà àti fáìlì. Nígbà tí ẹ bá ń pa ẹnì kan rẹ́, Google á béèrè bóyá kí wọ́n gbé fáìlì Drive rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ yan ọ̀gá tàbí olórí dísáìnì. Àmọ́ lẹ́tà Gmail kò sí nínú ohun tí wọ́n ń gbé báyìí. Bí ìjíròrò pẹ̀lú oníbàárà bá wà níbẹ̀ tí ẹ máa nílò, ẹ lọ sí `takeout.google.com` nígbà tí ẹ ṣì wà nínú àkáǹtì náà, ẹ yan `Mail` nìkan, kí ẹ gbé fáìlì tó bá jáde sórí háádì dísìkì. Fáìlì MBOX ni. Thunderbird, áàpù ímeèlì orí kọ̀ǹpútà tí kì í gbowó, lè ṣí i bí ẹ bá fi ohun tó ń kó o wọlé kún un.

Lẹ́tà tuntun ńkọ́? Oníbàárà tó mọ àdírẹ́sì àtijọ́ ṣì máa kọ̀wé. Kò pọn dandan kí ẹ san owó àyè kan nítorí èyí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa àkáǹtì náà rẹ́, ẹ lè fi àdírẹ́sì rẹ̀ kún ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ kejì, lófẹ̀ẹ́. Google gbà kí ẹnì kan ní tó ọgbọ̀n irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù gba ti àgùnbánirọ̀ tó ń lò tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ bó ṣe ń lọ. Ti `info@` yàtọ̀, torí èèyàn mẹ́ta ló fẹ́ máa rí i. Wọ́n fi ṣe `Group`, tí òun náà kì í jẹ àyè. Ẹ rí i dájú nínú ètò rẹ̀ pé ẹ gbà kí ẹni tí kò sí nínú iléeṣẹ́ lè kọ̀wé síbẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé èyí, ẹ̀yin ẹ̀yin á máa kọ̀wé sí ara yín, á máa wọlé dáadáa, lẹ́tà oníbàárà nìkan ni kò ní dé. Ẹ fi ímeèlì kan tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ dán an wò.

Àdírẹ́sì kan kò lè jẹ́ ti èèyàn kó tún jẹ́ orúkọ kejì tàbí Group lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ pa á rẹ́, kí ẹ tó tún un lò, ó sì lè gba tó wákàtí mẹ́rìnlélógún kó tó gbà. Láàárín ìgbà náà, lẹ́tà tó bá wá á padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Alẹ́ Sátidé ni mo máa ń fi í sí.

Irú àdéhùn tí ẹ wà lórí rẹ̀

Ẹ tẹ `Billing`, lẹ́yìn náà `Subscriptions`. Ẹ máa rí bóyá `Flexible Plan` ni tàbí `Annual Plan`. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa sọ bóyá owó yín máa dín kù lóṣù yìí tàbí lọ́dún tó ń bọ̀.

Lórí Flexible, bí ẹ bá ti pa ẹnì kan rẹ́, owó rẹ̀ dúró lọ́jọ́ náà. Lórí Annual, ẹ ti ṣèlérí iye àyè kan fún ọdún kan torí pé ó dín owó lórí àyè kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi kún un nígbàkigbà, ẹ ò lè yọ nínú rẹ̀ títí ọdún náà fi parí. Bí ẹ bá pa èèyàn mẹ́fà rẹ́ lónìí, mẹ́rìnlá náà lẹ ó máa san. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Àyè tó ṣófo lè gba ọmọ IT tuntun láìfi kọ́bọ̀ kún un, ẹ sì lè wọ inú ètò ìsọdọ̀tun nísinsin yìí kí ẹ kọ mẹ́jọ síbẹ̀. Ẹ ṣe é lónìí tí ẹ ti rántí, torí bí ọjọ́ náà bá pé tí ẹ kò sì yí i, mẹ́rìnlá náà ni wọ́n á tún sọ di ọdún kan.

Ní tèmi, iléeṣẹ́ tí ọmọ IT ń wọlé tó sì ń jáde kò yẹ kó fi gbogbo àyè rẹ̀ sórí Annual. Owó tí wọ́n dín lórí àyè kan kéré sí owó àyè kan tó ṣófo fún oṣù mẹ́fà.

Bí ẹ bá ra Google Workspace lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ìkànnì yín, tí ẹ kò rí ibi tí ẹ ti lè dín àyè kù nínú `Billing`, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ máa lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, kì í ṣe ìpè fóònù nìkan, kí ẹ lè ní ọjọ́ tí ẹ béèrè lọ́wọ́.

Ohun kan tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni `Suspend`. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, orúkọ ẹni náà á yí padà, ọkàn á balẹ̀. Ẹni tí ẹ bá suspend kò lè wọlé mọ́, lẹ́tà tuntun kò sì ní wọlé fún un, ṣùgbọ́n owó àyè rẹ̀ pé pérépéré. Bí ẹni tó ń san owó ilé ṣọ́ọ̀bù ní Fájuyì, tó sì ti àgádágodo mọ́ ọn ni. Ó dára fún ọjọ́ méjì tí ẹ fi ń gbé fáìlì, pàápàá bí ẹni náà bá fi ìjà kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, `Delete user` ni.

Bí ẹ bá ṣèèṣì pa ẹni tí kò yẹ rẹ́, ọjọ́ 20 wà tí ẹ lè fi dá a padà. Lẹ́yìn ogún ọjọ́, ó lọ nìyẹn. Torí náà, ẹ má pa gbogbo mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ọmọ IT tí kò fọwọ́ kan ohun púpọ̀, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ gbọ́ bóyá ẹnikẹ́ni pariwo, kí ẹ tó dé orí ẹni tó ṣí àkáǹtì káàkiri.

Ibi ìkópamọ́ ń bá àyè lọ

Wọn kì í sọ èyí fún èèyàn, òun ló sì lè dá iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé dúró. Lórí Business Starter, ọ̀kan lára àwọn ètò Google Workspace, tí ṣọ́ọ̀bù wa ń lò, àyè kọ̀ọ̀kan ń mú 30 GB wá, gbogbo rẹ̀ ló sì ń wọ inú àpò kan tí gbogbo yín jọ ń lò. Àyè mẹ́rìnlá jẹ́ 420 GB. Mẹ́jọ jẹ́ 240 GB. Fáìlì ẹni tó lọ kò lọ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ti gbé e fún ọ̀gá.

Ṣọ́ọ̀bù wa ń lo 262 GB. Ká ní wọ́n pa mẹ́fà rẹ́ láìwo èyí, wọ́n á ti fi 22 GB kọjá ibi tí wọ́n ní. Kì í ṣe lọ́jọ́ náà ló máa fara hàn. Ó máa ń gbà wọ́n láyè díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn kò ní lè fi fáìlì tuntun sórí Drive mọ́. Nígbà náà, ẹni tó ń ṣe dísáìnì á máa dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi, kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àyè tí wọ́n yọ ni.

Ẹ wo `Storage` nínú ojú ìwé alábòójútó, ẹ máa rí ẹni tó ń lò jù. Nínú ti wọn, fọ́tò ìgbéyàwó tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ àti fáìlì CorelDRAW tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin ló kún ibẹ̀. Wọ́n gbé 50 GB iṣẹ́ tó ti pé ọdún méjì sórí háádì dísìkì méjì, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nílé ọ̀gá, wọ́n sì sọ àpótí ìdọ̀tí Drive di òfìfo, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń gba ibi. Ó ku 212 GB. Bí ẹ kò bá rí ohun gbé kúrò, ẹ ṣírò: ó lè dára kí ẹ fi àyè kẹsàn-án sílẹ̀ nítorí 30 GB rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìdí tí ẹ fi ń san án nìyẹn.

Tí Microsoft 365 bá ni tiyín

Ìlànà kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ hàn gbangba níbẹ̀. Bí ẹ bá dí ẹnì kan lọ́nà àtiwọlé, ẹ ṣì ń sanwó. Bí ẹ bá gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àyè náà padà sínú àpò, ẹ ṣì ń sanwó. Ìgbà tí ẹ bá lọ sí `Billing`, sí `Your products`, tí ẹ dín iye tí ẹ rà kù níbẹ̀ ni owó tó dín kù. Bí àdéhùn ọdún kan bá wà lórí rẹ̀, ọjọ́ méje àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ó sọ dọ̀tun ni ẹ fi lè dín in kù. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà. Fún àdírẹ́sì bí `info@`, wọ́n ní `Shared mailbox` tí kì í gba owó àyè bí kò bá kọjá 50 GB.

Àwọn nǹkan yòókù lórí ìwé yín

Ẹ wá ohun tí ẹ ń ra lẹ́ẹ̀mejì. Ṣọ́ọ̀bù wa ń san Zoom torí ti ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n sì fẹ́ bá oníbàárà kan l'Ábújá ṣèpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Google Meet ti wà nínú Workspace tí wọ́n ń san, kì í sì í já ní ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ti Adobe gba ìṣọ́ra. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà lóṣooṣù, àdéhùn ọdún kan ni, wọ́n kàn pín owó rẹ̀ sí oṣù méjìlá. Bí ẹ bá fagi lé e lẹ́yìn ọjọ́ 14 àkọ́kọ́, wọ́n lè gba ìdajì owó oṣù tó kù lọ́wọ́ yín. Ìjọba Amẹ́ríkà pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí èyí ní June 2024, wọ́n ní wọ́n fi owó ìjìyà náà pamọ́. Tí oṣù méjì péré bá kù nínú ọdún yín, ìdajì rẹ̀ jẹ́ owó oṣù kan, kò burú. Tí mẹ́wàá bá kù, oṣù márùn-ún ni, ẹ rò ó dáadáa; ó lè sàn kí ẹ lò ó dé òpin, kí ẹ sì fagi lé e kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ bá rà láti inú Play Store lórí fóònù, ẹ kò lè fagi lé e nípa pípa áàpù náà rẹ́. Ẹ lọ sí `play.google.com/store/account/subscriptions`, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá a dúró. Ẹ wò ó pẹ̀lú ímeèlì tí wọ́n fi rà á, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá wà lórí fóònù yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi dídí káàdì ṣe ọ̀nà àbùjá. Mo mọ̀ pé ó ń wuni: ẹ yọ owó kúrò lórí káàdì dọ́là, ẹ ní kí wọ́n wá gbà á. Àdéhùn náà kò kú. Wọ́n á máa gbìyànjú, àwọn tó ń ṣe káàdì orí fóònù míì sì ń gba owó ìjìyà lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí owó bá kọ̀. Lórí Google Workspace, bí owó kò bá wọlé, kì í ṣe àyè mẹ́fà tó ṣófo ni wọ́n máa dá dúró, gbogbo àkáǹtì ni, àti ti ọ̀gá pẹ̀lú.

Ìwé owó tó tẹ̀ lé e

Iṣẹ́ kò tíì parí títí ẹ ó fi rí ìwé owó. Ìwé owó àkọ́kọ́ máa ń já èèyàn kulẹ̀. Bí ẹ bá pa èèyàn rẹ́ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù lórí Flexible, wọ́n á ṣì gba owó ọjọ́ tó ti kọjá nínú oṣù náà. Ti oṣù kejì ni kí ẹ yẹ̀ wò: àyè mẹ́jọ ló yẹ kó wà níbẹ̀, ìyẹn ₦90,300 nínú àpẹẹrẹ wa. Bí ẹ bá rí mẹ́sàn-án, ẹnì kan wà tí ẹ suspend tí ẹ kò pa rẹ́. Bí ẹ bá rí mẹ́rìnlá, ẹ padà lọ wo bóyá Annual ni ẹ wà láìmọ̀. Ẹ fi ìwé owó náà wé ohun tó jáde ní báǹkì, torí nínú ìwé ìṣirò yín lẹ ti ní káàdì tó yẹ kó san án, bí káàdì kejì bá sì ń san nǹkan kan tí ẹ rò pé ẹ ti fagi lé, ibẹ̀ ni yóò ti hàn.

Ní ti ẹni tó ń bọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá ṣí ímeèlì fún ọmọ IT tuntun, ẹ kọ ọjọ́ tí ó máa lọ sí kàlẹ́ńdà ọ̀gá àti ti akọ̀wé, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà. Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti sọ ìgbà tí IT máa parí, bẹ́ẹ̀ ni ọdún àgùnbánirọ̀ kò ní gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kó sì tó gba ìwé tí ọ̀gá ń bá a fọwọ́ sí, kí ó ti jókòó pẹ̀lú akọ̀wé, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ìwákiri kejì yẹn sínú ímeèlì rẹ̀, kí wọ́n sì yí gbogbo ibi tó bá jáde sí orúkọ ọ̀gá.